Bí mo ṣe bẹ Àlàájà oní-fúláwà kó jẹ́ kí n san gbèsè díẹ̀díẹ̀

Ẹ jókòó, ìtàn yìí gùn díẹ̀. Iṣẹ́ búrẹ́dì àti míìtì-páì ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Àlàájà kan ní Bódìjà ló ń já fúláwà fún mi láwìn, mo sì máa ń san láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Lọ́dún tó kọjá, mo gba àpò mẹ́jọ ní ₦60,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦480,000 nìyẹn. Ilé ìwé kan tí mò ń kó ọjà fún sì jẹ mí ní ₦310,000. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" ni wọ́n ń sọ lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí màá san ku ọjọ́ márùn-ún, ₦90,000 péré ló wà lọ́wọ́ mi.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n má gbé fóònù Àlàájà mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀pọ̀ wa la ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé òun náà ń jẹ ẹni tó ń kó ọjà fún un. Bí mo bá sọ fún un kí ọjọ́ tó pé, á ráyè wá nǹkan ṣe sí i. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, olè ni mo dà lójú ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo gbé ìwé, mo ṣírò ọ̀sẹ̀ kan. Ọjà tí mò ń tà jẹ́ nǹkan bíi ₦420,000. Fúláwà àpò mẹ́ta, ₦180,000. Ṣúgà, bọ́tà, yíìsì àti gáàsì, ₦130,000. Owó àwọn ọmọ méjì tó ń bá mi ṣiṣẹ́, ₦40,000. Oúnjẹ èmi àti owó ọkọ̀, ₦20,000. Ó ku ₦50,000.

Ibí yìí gan-an lèèyàn ti máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ojú á tì ẹ́, wàá ní "màá máa san ọgọ́rùn-ún kan lọ́ọ̀sẹ̀" kí inú wọn lè dùn. Ẹyin lọ̀rọ̀ o. Tó bá fọ́ lọ́sẹ̀ kejì, wọn ò ní gbọ́ ẹ mọ́. ₦40,000 ni mo pinnu, mo fi ₦10,000 sílẹ̀ fún ohun tí mi ò rí tẹ́lẹ̀. Owó ilé ìwé, mi ò kà á mọ́ ọn rárá, torí kò tíì wọlé.

Láàárọ̀, mi ò tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ o, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mọ̀ọ́mì, ọjọ́ Sátidé tí mo dá, mi ò ní lè pé e. ₦80,000 rèé. Ó ku ₦400,000. Ẹ jẹ́ kí n máa san ₦40,000 ní gbogbo Sátidé fọ́sẹ̀ mẹ́wàá. Tí ilé ìwé bá san, gbèsè yín ni mo máa kọ́kọ́ fi san." Mo nawọ́ ìwé ìṣirò náà sí wọn.

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Ṣé èmi ni báńkì ni?" Mi ò jiyàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ tiwọn: kò sáwìn mọ́ títí gbèsè yóò fi tán, owó lọ́wọ́ ni màá máa fi ra fúláwà, wọ́n á sì fi ₦1,000 lé àpò kọ̀ọ̀kan. ₦3,000 lọ́ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Mo gbà, torí ₦10,000 tí mo fi sílẹ̀ gbé e. Èmi náà bẹ̀bẹ̀ fún ohun kan: bí fúláwà bá wọ́n sí i, kí gbèsè àtijọ́ má yí padà. Wọ́n gbà. A kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé wọn, àwa méjèèjì fọwọ́ sí i, mo sì ya fọ́tò ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ geere. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ààrò mi bàjẹ́. ₦25,000 ni mo rí. Ọjọ́bọ̀ ni mo pè wọ́n, mi ò dúró de Sátidé. Mo ní màá pín ₦15,000 tó kù sọ́sẹ̀ mẹ́ta, ₦5,000 ₦5,000 lórí ₦40,000. "Ó dáa, o ṣáà pè," ni wọ́n sọ.

Lọ́sẹ̀ kẹfà ni ilé ìwé san. Lẹ́yìn tí mo san ti ọ̀sẹ̀ yẹn, ₦165,000 ló kù. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gbé e lọ. Àlàájà fa ìlà pupa sórí orúkọ mi, wọ́n yọ ₦1,000 orí àpò kúrò, wọ́n wá bi mí pé àpò mélòó ni mo fẹ́ láwìn.

Mo ní méjì péré. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ilé ìwé yẹn ńkọ́? Ní báyìí, kí wọ́n tó gbé ọjà, wọ́n á ti san ìdajì.