Lẹ́tà Tí Apòògùn Kọ Sí Ọ̀gá Rẹ̀



Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́ apòògùn ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Sábó Gàrí. Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kó lè ta Pọ́sítínọ̀, ìyẹn oògùn tí obìnrin máa ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kó má baà lóyún. Kò parọ́ fún oníbàárà pé ó ti tán o. Lẹ́tà ló kọ sí ọ̀gá rẹ̀, ó sì kọ́kọ́ gbé e wá kí n bá òun kà á.

Kò fi lẹ́tà náà wàásù. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Oògùn kan péré ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, màá máa ta gbogbo ìyókù. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ńṣe ló ń dá ẹyin obìnrin dúró kó má tètè jáde, pé kì í ba oyún tó ti dúró jẹ́. Síbẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀ sí i."

Ibi tó wá lọ tààrà ni ọ̀rọ̀ àkókò. Wákàtí 72 ni wọ́n ń sọ fún oògùn yìí, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Tí èèyàn bá ní kí obìnrin náà padà wá lọ́la, ó ti pa á lára nìyẹn. Nítorí náà, ó bẹ ọ̀gá kó máa fi òun àti apòògùn kejì, tó ń tà á, síṣẹ́ pọ̀. Bí oníbàárà bá dé, yóò rọra ní, "Ẹnìkejì mi ń bọ̀ wá dá yín lóhùn mà." Kò ní béèrè ọkọ, kò ní fojú burúkú wò ó. Bí ẹnìkejì bá jáde, yóò kọ́kọ́ tẹ ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí láago, yóò rí i dájú pé ó wà níbẹ̀, kó tó júwe ọ̀nà.

Mo wá bi í pé, "Tó bá di òru ńkọ́, tó jẹ́ ìwọ nìkan, tí gbogbo ibi ti tì?"

Ó dákẹ́ pẹ́. Nígbà tó yá, ó mú bírò, ó fi kún un: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fi èmi nìkan síṣẹ́ alẹ́, bí owó alẹ́ mi tiẹ̀ máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, màá fún un. Ẹ̀rí ọkàn tèmi kò gbọ́dọ̀ di ẹrù fún ẹlòmíràn."

Ọ̀gá gbà, ó sì tún ètò iṣẹ́ náà tò. Owó alẹ́ lọ lóòótọ́, ọmọ náà ò sì ráhùn.

Èmi náà kì í ta sìgá, àmọ́ ẹni tí kò bá rí sìgá rà, kò sí ohun tó máa ṣe é. Ti oògùn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ nídìí iṣẹ́ ìlera, bí ohun kan bá wà tí ọkàn wọn kò gbà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ fún ọ̀gá wọn nísinsìnyí, kí oníbàárà tó dúró síwájú wọn.