Ọ̀rọ̀ Iyán Ẹ̀gbọ́n Wa ní Ìlọ́fà

Ọ̀sí,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù London o! Ṣé orúnkún rẹ ti jẹ́ kí o sinmi? Wọ́n ní póńdò inú páálí lo ń rò jẹ báyìí níbẹ̀ yẹn. Ìwọ! Ìwọ tí o máa ń yọ kókó kan ṣoṣo jáde nínú iyán ìyá wa, tí wàá gbé e sórí ìka kí gbogbo agbo ilé lè rí i! Ó dára, ọjọ́ tí o bá wálé ni a óò jọ yanjú ìyẹn.

O ní kí n sọ bí Ẹ̀gbọ́n ṣe wà ní Ìlọ́fà fún ọ, pé bí o bá ti pè wọ́n, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: àwọn ti jẹun, ara àwọn le, kí o má ṣèyọnu. Ara wọn ti ń le báyìí lóòótọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, o sì yẹ kí o mọ̀ ọ́n, nítorí o lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ọ̀hún. Jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

O rántí bí ilé wọn ṣe máa ń rí nígbà tí Bàbá Tíṣà wà láyé. Tí iṣu bá ti jinná, Bàbá á bọ́ agbádá, wọ́n á mú ọmọ odó kejì, àwọn méjèèjì á sì máa gún un ní àgúnpọ̀. Àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín pé tíṣà àgbà ń gún iyán, Bàbá á ní ikùn tíṣà náà ni iyán ń lọ. (Ẹ̀rín wọn yẹn! Mo ṣì ń gbọ́ ọ.) Ó dára. A sin Bàbá, èrò kún ilé, oúnjẹ ń ti ọ̀tún wọlé, ó ń ti òsì wọlé. Nígbà tí ó di ogójì ọjọ́, èrò túká, ọmọ wọn tó wà ní Kánádà padà, èyí tó wà ní Èkó padà. Wọ́n bẹ Ẹ̀gbọ́n kí wọ́n bá àwọn lọ sí Èkó, Ẹ̀gbọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ máa ṣe lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ò ti ní mọ ẹnì kankan. Èmi tí mo ti di opó ṣáájú wọn mọ̀ pé ọjọ́ tí èrò lọ gan-an ni ọ̀fọ̀ ọ̀hún ń bẹ̀rẹ̀.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. O mọ ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n, ìkòkò ńlá nìkan ni ọwọ́ yẹn mọ̀. Wọ́n á se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí bí ẹni tí àlejò ń bọ̀ wá bá, iná mànàmáná kò ní dúró tí ẹ̀rọ amómitutù yóò fi tutù, nígbà tí ó bá di ọjọ́ kẹta ọbẹ̀ á ti máa hó. Wọ́n á dà á nù, ó á dùn wọ́n wọ egungun, nítorí kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní dída oúnjẹ nù nínú ẹbí yìí. Nígbà tó yá wọn ò dáná mọ́. Tíì àti búrẹ́dì láàárọ̀, gààrí tí a rẹ sómi lọ́sàn-án, ó di ọ̀la. Tí o bá wá pè wọ́n, wọ́n á ní àwọn ti jẹun. Wọ́n ti jẹun náà ni!

Jọ̀wọ́, má rò pé ọ̀lẹ ni. Bí a bá ti ń dàgbà, adùn oúnjẹ lẹ́nu àti òórùn rẹ̀ nímú máa ń dín kù, ikùn sì máa ń tètè kún, ebi kì í pariwo pe àgbà bí ó ṣe ń pe ọmọdé. Ohun tó ń mú àgbà jókòó ti oúnjẹ ni àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ ẹ́. Nígbà tí ìyẹn kò bá sí mọ́, àgbà lè gbàgbé oúnjẹ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Tíì àti búrẹ́dì á dí ikùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀wà níbẹ̀, kò sí ẹja, kò sí ẹyin, kò sí ẹ̀fọ́. Ẹran ara ló máa ń sanwó rẹ̀: itan á gbẹ, ẹsẹ̀ ò ní lágbára, ìṣubú á sì wà nítòsí.

Ọjọ́ tí ojú mi là sí i, òwúrọ̀ ọyẹ́ ni. Mo yà kí wọn kí n tó lọ sọ́jà. Mo bá wọn lórí àga, òógùn bò wọ́n nínú ọyẹ́ yẹn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, orúkọ ìyá mi ni wọ́n sì fi ń pè mí. Ara mi bù máṣọ! Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ, wọ́n na ọwọ́ sí ife tíì tí kò ní ṣúgà àti sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n ti lò láàárọ̀. Níbẹ̀ ló ti yé mi pé ṣúgà ara wọn ló já wálẹ̀. Mo bu ṣíbí ṣúgà kékeré mẹ́rin sínú ìlàjì ife omi, mo rí i pé wọ́n lè gbé nǹkan mì dáadáa, mo fún wọn mu. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ojú wọn fi mọ́lẹ̀, wọ́n sì pe èmi gan-an lórúkọ. Lẹ́yìn náà ni mo fún wọn ní ẹ̀kọ àti ẹyin, nítorí ṣúgà nìkan kì í pẹ́ nínú ara, ó lè tún já wálẹ̀. Gbọ́ èyí dáadáa, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́: ká ní wọn ò lè gbé e mì ni, tàbí wọ́n ti dákú, mi ò ní da ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, kó má baà gba ọ̀fun òdì. Ilé ìwòsàn ni mo máa gbé wọn dìgbàdìgbà lọ.

A lọ sílé ìwòsàn náà lọ́jọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé àwọn oògùn ṣúgà kan wà tó jẹ́ pé o jẹun o, o ò jẹun o, wọ́n á ṣáà máa fa ṣúgà ara wálẹ̀ ni, wọ́n sì máa ń pẹ́ lára àgbàlagbà nítorí kíndìnrín ti ń rọra ṣiṣẹ́. Dókítà yí oògùn náà padà fún wọn. Wọ́n gbé wọn lé ìwọ̀n. Nígbà àìsàn Bàbá, kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n, lọ́jọ́ yẹn ó ku méjìdínlọ́gọ́ta. Nọ́ọ̀sì ní bí ọ̀kan bá lọ nínú ogún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà, tí onítọ̀hún kò sì fẹ́ẹ́ fọn, kí á tètè wádìí rẹ̀. Ti Ẹ̀gbọ́n ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìró tí wọ́n ń ró lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀ ti ń yí wọn ká kó tó mọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tí wọ́n jọ ń gbélé tó lè kíyè sí i.

Kí ni a wá ṣe? Odó ni. Má rẹ́rìn-ín! Mo lọ bẹ ọ̀kan nínú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa pé kó gbẹ́ odó kékeré tí ẹnì kan lè jókòó gún, pẹ̀lú ọmọ odó kúkúrú. Ìlú Arẹ́ògún ni wá, bàbá tó fi igi ẹ̀pà sọ Ọ̀sí di olókìkí kó tó kú lọ́dún 1954, a ò sì ní wá odó tì. Báyìí, orí àpótí ni Ẹ̀gbọ́n ń jókòó sí, odó á wà láàárín ẹsẹ̀. Bíbẹ́ iṣu méjì tó nípọn tó ìka mẹ́ta ni wọ́n ń sè. Iṣu tó gbó ni o, tuntun máa ń lómi jù. Bí ó bá ti rọ̀, wọ́n á yọ ọ́ lórí iná kíá, wọ́n á sì gún un ní gbígbóná. Iṣu díẹ̀ báyẹn kì í pẹ́ di iyán. Láti ìdí ni wọ́n ti ń gé iṣu, wọ́n á sì fi eérú ra ojú ibi tí wọ́n gé kó lè gbẹ títí di ọjọ́ kejì. O mọ̀ pé iṣu ọ̀hún wọ́n báyìí. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti wọ ààfin pa Olúkòró ti Kòró ní oṣù kejì ọdún 2024, ta ló máa jẹ́ kí ìyá arúgbó dá lọ sóko?

Ọbẹ̀ wọn náà ti kéré. Ìkòkò kékeré kan, ẹ̀gúsí díẹ̀, ẹ̀fọ́ púpọ̀, ẹja tó tó ọjọ́ méjì, wọ́n á sì mú un hó láàárọ̀ àti lálẹ́. Nọ́ọ̀sì ní kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju iyán lọ nínú àwo wọn, torí iyán máa ń gbé ṣúgà ara sókè. Ẹ̀gbọ́n bá a jiyàn títí o! Ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ Èkìtì kì í gbọ́ irú ìyẹn kó dákẹ́.

Wọn ò jẹun nídìí tábìlì mọ́, níbi tí àga Bàbá ti kọjú sí wọn. Iwájú ilé ìdáná ni wọ́n ń jẹun báyìí. Ọmọ aládùúgbò kan máa ń yà níbẹ̀ tí ó bá ti ilé ìwé dé, òun ló ń pọnmi díẹ̀ fún wọn, wọ́n á jọ jẹun, bí agogo méjì bá sì ti kọjá ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sínú ìkòkò. Bí wọ́n bá wá sí Ọ̀sí, ọmọbìnrin tó gba yàrá kan lọ́wọ́ mi, tó ń kàwé ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara tí wọ́n ṣí síbí, òun ló ń bá wa gún iyán. Ọwọ́ rẹ̀ le! Kókó kan ò sí níbẹ̀, ìwọ alákòóbá yìí ò ní rí nǹkan sọ.

Mi ò ní purọ́ fún ọ. Oúnjẹ kò lé òru lọ. Ẹ̀gbọ́n ṣì máa ń jí lóru na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀dì, èmi náà ṣì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní ìgbà tí wọ́n wọn ara wọn kẹ́yìn, kílò ọgọ́ta ni wọ́n, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ nìyí. Sọ fún àwọn ọmọ wọn kí wọ́n má fi fírísà ránṣẹ́ mọ́, iná tí yóò gbé e kò sí. Kí wọ́n fi owó ẹja àti ẹyin ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ìwọ náà, tí o bá pè, má bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti jẹun, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Bi wọ́n pé ọbẹ̀ wo ni wọ́n sè, ta ni wọ́n jọ jẹ ẹ́, kílò mélòó ni wọ́n wà lóṣù yìí. Tí ìdáhùn bá ti ń di tíì àti búrẹ́dì lẹ́ẹ̀kan sí i, má dúró di ọjọ́ kejì, èmi ni kí o pè.

Èmi ni tìrẹ,
Ìbàdíàrán rẹ ní Ọ̀sí.