Nọ́ńbà Tí Kò Tíì Parí

Ní Lomé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígùn ló máa ń da ọmọ Nàìjíríà láàmú lórí fóònù, nọ́ńbà ni. Mo lè bá oníbàárà mi ní Asígàmé jiyàn owó ọjà lédè Faransé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àmọ́ kó ní kí n kọ nọ́ńbà awakọ̀ tí yóò gbé ẹrù sílẹ̀, ìyẹn ló ń mú kí n gbé fóònù mọ́ etí dáadáa.

Fígọ̀ mẹ́jọ ni nọ́ńbà fóònù Tógò, méjì-méjì ni wọ́n sì ń pè é. Ká ní ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 90 70. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni «katirẹ-fẹ́ń-dísì, suasáńtì-dísì». Ẹni tó ń kánjú kọ̀wé yóò kọ 80 10 60 10. Fígọ̀ mẹ́jọ ti pé lórí ìwé rẹ̀, ẹni tó ń pè é sì ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ogún mẹ́rin tí wọ́n fi ń ka 80 kò ṣàjèjì sí wa, bí ọgọ́rin tiwa náà ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá di 90, àwa ń yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ń fi mẹ́wàá lé 80, ìdí ọ̀rọ̀ ni mẹ́wàá ọ̀hún sì máa ń wà. Nítorí náà, n kì í fi bírò kan ìwé títí ẹni náà yóò fi mí láàárín méjì kan àti ìkejì.

Èyí tó tún burú jù ni 66 àti 70: «suasáńtì-sísì», «suasáńtì-dísì». Ìpè fóònù lásán kì í gbé ju ìró nǹkan bí 300 sí 3,400 hẹ́ẹ̀tìsì lọ, bẹ́ẹ̀ òkè ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìró «s» wà. Ohun tó ya «sísì» sọ́tọ̀ sí «dísì» kò fi bẹ́ẹ̀ dé etí wa. Tí ẹ bá ní kó tún un pè, ariwo lásán ni yóò fi kún un. Ẹ ní kó pè é ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: 66 á di «sísì, sísì», 70 á di «sẹ́tì, séró». Kò sí etí tó máa pa ìyẹn pọ̀.

Nínú kíláàsì, ẹ ò lè dá olùkọ́ dúró bẹ́ẹ̀. Tó bá ní ọdún 1970 ni wọ́n dá Yunifásítì Lomé sílẹ̀, ọwọ́ tó yá jù ti kọ 1960 kí «dísì» tó dé. Kò sì ní í fura, nítorí ọdún 1960 ni Tógò gba òmìnira, ó bá ìtàn mu dáadáa. Mo máa ń ka àkòrí iṣẹ́ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí n sì kọ àwọn ọdún tí mo retí sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Tí ọdún méjì bá bá ọ̀rọ̀ mu, mo máa ń fi àyè sílẹ̀, n ó bá olùkọ́ kó tó palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́: «Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, 60 ni àbí 70?»