Ta Ló Gbà?

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni Àǹtí mi fi ohùn kan ránṣẹ́ sí mi láti Woolwich, ìṣẹ́jú 23 gbáko. Ó ní, "Gbọ́ ọ, kó o bá mi kọ ohun tá a sọ sílẹ̀. Orí mi ti dàrú."

Àǹtí ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò jìnnà sí Powis Street. Ó ti lo ọdún 7 níbẹ̀. Ìwé àdéhùn rẹ̀ fẹ́ parí, onílé sì fẹ́ fowó kún owó ilé. Yorùbá ni onílé náà, àgbàlagbà, nítorí náà Yorùbá ni wọ́n fi dúnàádúrà lórí fóònù. Àǹtí ti sọ fún un níbẹ̀rẹ̀ pé òun ń gba ohùn sílẹ̀, bàbá sì ní kò burú.

Mo jókòó sí kíṣíìnì mi ní Thamesmead, mo kọ ọ́ tán láàárín wákàtí kan. Lókè pátápátá ni mo kọ ọ́ sí pé wọ́n ti fẹnu kò sí 1,700 pọ́n-ùn lóṣù. Kò pẹ́ tí Àǹtí kà á tó fi pè mí.

"Ta ló gbà? Ṣé èmi ni?"

Mo padà sídìí ohùn náà. Ní ìṣẹ́jú 9, onílé ní, "Ó dáa, màá bá ẹ ṣe é ní 1,700." Àǹtí dáhùn pé, "Háà, ẹ ṣé o sà. Ọlọ́run á máa pọ̀ sí i fún yín." Mo gbọ́ "ẹ ṣé," mo sì kọ "mo gbà." Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà tó dín owó ọjà, kó tó tún bẹ̀ ẹ́ pé kó dín in sí i? Kò pé ìṣẹ́jú 2 lẹ́yìn náà tí Àǹtí fi dá 1,550. Ẹni tó ti gbà 1,700 kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Látọjọ́ náà, tí mo bá gbọ́ ọpẹ́ tàbí àdúrà lẹ́nu ẹni tó ń nájà, mo máa ń dúró gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀ lé e kí n tó kọ nǹkan kan.

Mo ṣe irú àṣìṣe yẹn sí onílé náà. Nígbà tí Àǹtí béèrè ẹni tó máa tún òrùlé tó ń jò ṣe, bàbá ní, "A máa wò ó." Èmi wá kọ ọ́ pé onílé yóò tún un ṣe. Kò sọ bẹ́ẹ̀ o!

Mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán láì mú bírò dání, lẹ́yìn náà ni mo wá ń kọ ìṣẹ́jú sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo iye tí wọ́n dá, kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè lọ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. 1,350 ni Àǹtí ń san tẹ́lẹ̀. Onílé bẹ̀rẹ̀ ní 1,800, ó ní láti 2022 tí Elizabeth line ti dé Woolwich, èèyàn ti pọ̀ ládùúgbò. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ ní 1,400 nítorí òrùlé. Onílé sọ̀ kalẹ̀ ní 100, Àǹtí gòkè ní 150, àlàfo 400 wá di 150.

Àmọ́ "bí" wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àǹtí gbà láti san 1,550 *bí* onílé bá tún òrùlé ṣe kí òun tó fọwọ́ sí ìwé. Tí mo bá kọ 1,550 lásán, mo ti fi owó Àǹtí ta onílé lọ́rẹ nìyẹn. Bí onílé náà ṣe sọ tirẹ̀ rèé: "Bó o bá san oṣù mẹ́ta kalẹ̀, dìpọ́síìtì oṣù méjì." Mo kọ ọ́ pé méjèèjì ló fẹ́ gbà, ìyẹn 5,100 àti 3,400, àpapọ̀ 8,500 pọ́n-ùn.

Ohun tó dẹ́rù bà mí jù, wọn ò tilẹ̀ jiyàn lé e lórí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ń parí lọ, onílé kàn sọ pé, "Lọ́yà mi á ṣe ìwé náà bó ṣe máa ń ṣe é." Níbí, òfin 1954 lórí onílé àti ayálégbé fún ẹni tó ń ṣòwò nínú ilé tó háyà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé tuntun nígbà tí ti àtijọ́ bá parí. Àmọ́ wọ́n lè jọ gbà láti yọ ẹ̀tọ́ yẹn kúrò. Onílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún ayálégbé ní ìwé ìkìlọ̀, kí ayálégbé sì jẹ́rìí sí i pé òun rí i, kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn. Ṣé bí lọ́yà náà "ṣe máa ń ṣe é" nìyẹn? Kò sẹ́ni tó béèrè. Mo fi í ṣáájú nínú ohun tó kù nílẹ̀, kódà ṣáájú owó.

Lókè ìwé náà mo kọ pé kò sí èyí tó tíì dè wá títí a ó fi fọwọ́ sí àdéhùn. Àǹtí fi í ránṣẹ́ sí onílé. Lọ́jọ́ kejì bàbá fèsì pé oṣù mẹ́ta kalẹ̀ *tàbí* dìpọ́síìtì lòun sọ, kì í ṣe méjèèjì.

Mo gbọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Bàbá kò sọ "àti," kò sì sọ "tàbí." Ó kàn mí sí àárín wọn ni. Mo yọ 8,500 kúrò, mo gbé dìpọ́síìtì lọ sábẹ́ ohun tó kù nílẹ̀, mo sì kọ èsì bàbá síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́.

Àǹtí máa pè é padà lọ́jọ́ Jímọ̀. Ní báyìí ná, ike ṣì wà nílẹ̀ lábẹ́ ibi tó ń jò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí wọ́n ti ń fọ irun.