Ogudu ni ó wà, Ìkẹjà ni wọ́n kọ

Bí ará Ogudu kan bá ṣí ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ ibi tí ènìyàn wà, ó lè bá Ìkẹjà níbẹ̀, tàbí Èkó lásán, tàbí Àbújá tí kò tilẹ̀ dé rí. Èyí kì í ṣe àṣìṣe ńlá kan lójú àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, nítorí pé àdírẹ́sì IP kì í ṣe àdírẹ́sì ilé.

Àjọ AFRINIC, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì, ni ó ń pín nọ́ńbà wọ̀nyí fún àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Áfíríkà. Odidi ìdì ni ó máa ń gbé fún wọn. Orúkọ ilé iṣẹ́, orílẹ̀-èdè àti àdírẹ́sì ọ́fíìsì ló wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Kò sí Ogudu níbẹ̀, kò sí Ọ̀jọ́ta. Àwọn tó ń ta àkójọ pé nọ́ńbà báyìí wà ní ìlú báyìí ń fi èyí àti àwọn àmì mìíràn méfò ni.

Ti fóònù alágbèéká tún le jù. Ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sábà máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, gbogbo wọn a sì gba ẹnu ọ̀nà ńlá kan jáde. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ojúlé náà ń rí. Ẹni tó wà ní Ogudu àti ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta lè jọ lo nọ́ńbà kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà. (Máàpù orí fóònù tó mọ òpópónà ẹni ń lo sátẹ́láìtì àti àwọn àmì Wáífáì, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀.)

Ewu ibẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn gba ìméfò náà gbọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ MaxMind ti Amẹ́ríkà kò mọ̀ ju pé nọ́ńbà kan wà ní Amẹ́ríkà, ó máa ń fi í sí nǹkan bí àárín orílẹ̀-èdè náà, ní 38, -97. Oko kan nítòsí Potwin ní ìpínlẹ̀ Kansas ni ibẹ̀ bọ́ sí. Nọ́ńbà tó lé ní 600 mílíọ̀nù ló rọ̀ mọ́ oko kan yìí. Fún ọdún mélòó kan ni àwọn ọlọ́pàá ń ya wọbẹ̀, tí wọ́n ń wá olè àti ọmọ tó sá nílé, títí tí olórí ọlọ́pàá àdúgbò fi gbé pátákó ìkìlọ̀ sí ẹnu ọ̀nà oko náà. Lẹ́yìn tí ìròyìn náà jáde ní 2016 ni ilé iṣẹ́ náà ṣí àmì náà lọ sínú adágún omi kan.

Nítorí náà, ẹni tó bá gbé àwòrán ojú fóònù jáde pé òun ti rí ilé oníjìbìtì ní Ogudu kò tíì rí ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ló lè mọ oníbàárà náà, láti inú àkọsílẹ̀ tí òfin ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ní kí wọ́n tọ́jú fún ọdún méjì. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ àjọlò, kí wọ́n tó lè yọ ẹnì kan láàárín ọ̀pọ̀, a gbọ́dọ̀ fún wọn ní nọ́ńbà náà, nọ́ńbà pọ́ọ̀tù rẹ̀ àti àkókò gan-an, dé orí ìṣẹ́jú àáyá. Bí aago bá yẹ̀ díẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ni yóò jáde.