Òótọ́ Ni, Àmọ́ Òun Kọ́ La Béèrè

Mo kọ àyọkà kékeré kan fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní àkàyé níbí ní Ìlọrin: "Wọ́n ní ọdẹ kan wà tó ń jẹ́ Òjó. Orí òkúta kan ló ti máa ń lọ irin rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ Ìlọrin ti wá. Òkúta náà ṣì wà ní Ìdí-Apẹ́ títí dòní." Mo wá bi wọ́n pé: kí ló mú kí wọ́n pe ìlú náà ní Ìlọrin?

A. Òkúta náà ṣì wà ní Ìdí-Apẹ́ títí dòní.
B. Ọdẹ ni Òjó.
C. Alágbẹ̀dẹ ni Òjó.
D. Ẹnìkan máa ń pọ́n ohun èlò rẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn tó mú A ló pọ̀ jù.

*

Ọmọbìnrin kan fi ìka lé gbólóhùn tó gbẹ̀yìn. "Ẹ wò ó, sà, ó wà níbẹ̀." Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́tà kan ò yẹ̀. Ohun tó fà á lójú nìyẹn. D ò ní "lọ", kò ní "irin", ojú rẹ̀ sì fò ó kọjá. Ẹni tó mọ ìbéèrè ṣe máa ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ìdáhùn, á wá ṣa pàkúté rẹ̀ ní odindi látinú àyọkà.

*

Mi ò sọ fún un pé kò gbà á. Mo ní kó so ìbéèrè pọ̀ mọ́ ohun tó mú, kó kà á sókè: "Wọ́n pe ìlú náà ní Ìlọrin nítorí pé òkúta náà ṣì wà ní Ìdí-Apẹ́ títí dòní." Kó tó kà á tán ló ti ń mi orí.

*

Síso ó pọ̀ nìkan kò tó. "Nítorí pé alágbẹ̀dẹ ni Òjó" dùn létí, ó tiẹ̀ bá irin lọ. Àmọ́ ọdẹ ni àyọkà pè é. Ohun méjì la gbọ́dọ̀ bi ìdáhùn kọ̀ọ̀kan: ṣé àyọkà sọ ọ́? Ṣé òun la béèrè? Èkínní ló yọ C kúrò, èkejì ló yọ A kúrò. Ó ń dùn mí pé èkínní nìkan ni àwa olùkọ́ máa ń tẹnu mọ́: "Ẹ wá a nínú àyọkà." Ọmọbìnrin yẹn wá a, ó sì rí i.

*

Bákan náà, bí wọ́n bá ní ká mú àkọlé fún àyọkà, ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń tanni.

*

Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Kò sí ìwé ìbéèrè tí ọmọ lè fàlà sí nídìí "kí ló mú". Mo ní kí wọ́n máa fẹnu ara wọn sọ ìbéèrè náà jẹ́ẹ́ kí wọ́n tó wo A.

*

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fún wọn ní A àti B láìsí ìbéèrè, mo ní kí wọ́n kọ ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dáhùn. Ti B yá: "Iṣẹ́ wo ni Òjó ń ṣe?" Ọmọbìnrin yẹn pẹ́ nídìí A. Ohun tó kọ ni: "Níbo lèèyàn ti lè lọ wo òkúta náà?"