Agogo Èéfín Wo Ni Ká Rà, Ibo Ni Ká Gbé E Kọ́?

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Iná tí a kò mọ̀ pé ó wà lórí òrùlé ńkọ́? Nítorí irú iná bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe agogo èéfín, ẹ̀rọ kékeré tó rí roboto bí ọmọrí ìkòkò, tí a máa ń kọ́ sí àjà ilé, tó sì máa ń ké tantan nígbà tí èéfín bá wọ inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló fi owó ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù pé kí a rà á sílé wa ní Ìbàdàn. Méjì péré ni owó náà ká. Nígbà tí Bàbá mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ó rí i pé oríṣi méjì ló wà, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Ó ya fọ́tò ẹ̀yìn méjèèjì wá fún mi, ó ní, "Ìwọ tí ò ń ṣe Físíìsì, èwo ni ká rà?"

Ẹ̀yìn wọn náà ni a ti ń dá wọn mọ̀. Wọ́n kọ Am-241 sára ọ̀kan. Amẹrísíọ̀mù nìyẹn, èròjà kan tó ń tú ìtànṣán jáde. Èyí tó wà nínú agogo kan kéré gan-an, èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán rẹ̀ kò sì lè la bébà kọjá, nítorí náà kò séwu fún ẹni tó ń gbé abẹ́ rẹ̀, bí a kò bá ṣáà ti tú u. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ afẹ́fẹ́ àárín àwo irin méjì di áyọ́ọ̀nù, kí iná díẹ̀ lè máa ṣàn láti àwo kan sí èkejì. Bí èéfín bá wọlé, àwọn áyọ́ọ̀nù á lẹ̀ mọ́ ọn, iná tó ń ṣàn á dínkù, agogo á sì ké.

Èkejì kò ní irú èròjà yìí. Gílóòbù tíńtín kan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ nínú ihò dúdú rẹ̀, ojú tó ń ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò lè dé tààrà. Bí èéfín bá wọlé, á fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, bí eruku ṣe máa ń jẹ́ ká rí ìtànṣán oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á kan ojú tó ń ṣọ́nà, agogo á ké. Mo pe ti àkọ́kọ́ ní oní-áyọ́ọ̀nù, mo pe èkejì ní oní-ìmọ́lẹ̀.

Iná tó ń jó lala, tó lọ́wọ́, hóró èéfín rẹ̀ máa ń kéré, oní-áyọ́ọ̀nù ló sì máa ń tètè mọ̀ ọ́n. Iná tó ń jẹra lábẹ́lẹ̀, tó ń rú èéfín nípọn láìtíì yọ ọwọ́, hóró èéfín tirẹ̀ máa ń tóbi, oní-ìmọ́lẹ̀ ló máa ń tètè rí i. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdíwọ̀n àti ìmọ̀ ẹ̀rọ dáná sun àga àti bẹ́ẹ̀dì láti fi dán wọn wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2004. Wọ́n rí i pé oní-áyọ́ọ̀nù fi díẹ̀ yá ju èkejì lọ níbi iná tó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n níbi iná abẹ́lẹ̀, oní-ìmọ́lẹ̀ sábà máa ń fi púpọ̀ ṣáájú.

Ìbéèrè tó kù ni pé, irú iná wo ló lè ká wa mọ́ ojú oorun? Mo wo ilé wa yíká. Ìyá àgbà máa ń tan kóìlì ẹ̀fọn sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lálaalẹ́. Bí etí aṣọ bá já lé e lórí, ó lè máa jẹra pẹ̀lú fóòmù fún ìgbà pípẹ́ kó tó gbiná. Nínú yàrá àwa ọmọ, wáyà ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan ló ń gbé fáànù, tẹlifíṣàn àti fóònù mẹ́ta. Bí irú wáyà bẹ́ẹ̀ bá gbóná jù, rọ́bà rẹ̀ á kọ́kọ́ yọ́, á máa rú èéfín. Méjèèjì, iná abẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tó ti sùn kò sì lè gbẹ́kẹ̀ lé imú pé òórùn á jí òun. Iná tó lè tètè lọ́wọ́ nílé wa, ilé ìdáná ni, Màámi sì máa ń wà ní ìdúró níbẹ̀ nígbà tí gáàsì bá ń jó.

Màámi fúnra rẹ̀ ni ìdí kejì. Ó máa ń dín àkàrà tà láràárọ̀. Èéfín epo gbígbóná tètè máa ń mú oní-áyọ́ọ̀nù ké. Agogo tó bá ń ké lójoojúmọ́ lórí àkàrà, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi yọ bátìrì rẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí, Màámi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èmi gan-an ni màá yọ ọ́." Bàbá ra oní-ìmọ́lẹ̀ méjì.

Ibi tí a ó gbé e kọ́ ló wá kàn. Ìlànà wọn ni pé kí agogo wà nínú yàrá ìsùn kọ̀ọ̀kan, kí òmíràn sì wà ní ìta àwọn yàrá náà. Méjì ni tiwa, nítorí náà a ní láti yàn. Yàrá Ìyá àgbà ló gba ọ̀kan, torí pé ó máa ń ti ilẹ̀kùn sùn. Bí agogo bá wà níta nìkan, èéfín á ti kún yàrá rẹ̀ kó tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Fáànù wà láàárín àjà rẹ̀, atẹ́gùn fáànù sì máa ń lé èéfín kúrò lẹ́nu agogo. A gbé e lọ sí apá igun, ní nǹkan bí 40 sẹ̀ntímítà sí ògiri méjèèjì. Ibẹ̀ ju mítà kan lọ sí abẹ́ fáànù, kò sì há sí kọ̀rọ̀ igun gan-an, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í ti í rìn dáadáa.

A kọ́ èkejì sí àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín ilẹ̀kùn àwọn òbí mi àti ti àwa ọmọ. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n: mítà 6 ló jìnnà sí ibi tí sítóòfù wà. Kò gbọ́dọ̀ dín ní mítà 3. Mítà 2 àti ààbọ̀ ló sì jìnnà sí ilẹ̀kùn balùwẹ̀, torí pé ooru omi gbígbóná lè tan oní-ìmọ́lẹ̀ jẹ bí èéfín.

Ó ku etí. Ìyá àgbà kò gbọ́ràn dáadáa, nítorí náà àwa ni agogo yàrá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jí. A ti gbogbo ilẹ̀kùn lálẹ́, Bàbá tẹ bọ́tìnì ìdánwò rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ ketekete ní yàrá Màámi. Ní yàrá tiwa, ó dún lókèèrè, àbúrò mi kò tilẹ̀ mira. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ní kí a máa ṣí ilẹ̀kùn tiwa sílẹ̀ sùn títí owó agogo kẹta yóò fi dé.

Ohun méjì ni mo kọ sára kàlẹ́ńdà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lóṣooṣù ni a ó máa tẹ bọ́tìnì ìdánwò. Lásìkò ọyẹ́, a ó máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbẹ́rẹ́gbẹ́rẹ́ gbá eruku ẹnu wọn, torí pé eruku náà máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, á sì máa mú wọn ké lásán. Bí agogo bá ń ké tíń lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bátìrì ló ń kú lọ. Tó bá pé ọdún 10, kí a pààrọ̀ agogo náà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí a ṣe tán, Bàbá béèrè bóyá a ti lè gbé jẹnẹrétọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn báyìí nítorí olè. Mo ní, "Rárá o, Bàbá." Afẹ́fẹ́ kábọ̀nù mọnọ́sáìdì tó ń jáde lára jẹnẹrétọ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, agogo méjèèjì kò sì lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Jẹnẹrétọ̀ ṣì wà lẹ́yìn ògiri, níbi tó jìnnà sí fèrèsé.